Kí Ẹ Tó Lọ Bi Akápò Léèrè

Nínú ẹ̀kọ́ tó kọjá, a rí bí a ṣe ń kọ ìwé owó ẹgbẹ́: owó tó wọlé ní apá òsì, owó tó jáde ní apá ọ̀tún, iye tó kù ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Ní ìparí oṣù, akọ̀wé a wo iye tó kù nínú ìwé, akápò a ka owó tó wà nínú àpótí. Ó yẹ kí iye méjèèjì bára mu. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mìíràn wà tí wọn kì í bára mu. Ohun tí akọ̀wé yóò ṣe lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ kọ́ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí wọ́n ń yan gàrí ní abúlé kan ní ẹ̀bá Kétu. Ìwé sọ pé 48.650 fáráǹkì ló yẹ kó kù. Akápò ka owó àpótí, ó sọ fún akọ̀wé pé 43.250 ló wà níbẹ̀, ó sì gbé ẹrù rẹ̀, ó di ọjà. Akọ̀wé yọ iye kan kúrò nínú èkejì. Ó ku 5.400 fáráǹkì kí owó àpótí tó bá ìwé mu.

Akápò yìí kò ráyè rárá. Òun ló ń ra ẹ̀gẹ́ lóko, òun ló ń sanwó igi ìdáná, òun náà ló ń wọn gàrí fún oníbàárà lọ́jọ́ ọjà. Bí akọ̀wé bá wá rán ọmọ sí i pẹ̀lú ìwé pélébé tó kọ báyìí pé, “Ìyá, owó kò pé, ẹ wo ibi tó ti ṣìnà,” kí ni ẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀?

Èkínní, akọ̀wé ti gbé iṣẹ́ ara rẹ̀ lé akápò lórí. Ìlà 37 ni wọ́n kọ nínú oṣù yẹn. Akápò kò ní ìwé lọ́wọ́, gàrí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò ní láti máa rántí gbogbo ohun tó rà àti gbogbo ohun tó tà láti ọjọ́ kìíní oṣù, nígbà tó jẹ́ pé akọ̀wé ló ní ìwé, tó ní àwọn ìwé ẹ̀rí, tó sì ní àyè láti jókòó.

Èkejì burú jù ú lọ. Ẹni tí àpótí wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni a ń sọ fún pé owó kò pé, níwájú àwọn oníbàárà. Ìyẹn kì í ṣe ìbéèrè mọ́, ẹ̀sùn ni. Ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ ṣe ń rìn. Kó tó di alẹ́, gbogbo agboolé ti gbọ́ pé akápò jẹ owó. Bẹ́ẹ̀ sì ni ó lè jẹ́ pé àpótí kò ní ẹ̀bi kankan, ìwé ni kò tọ̀nà.

Nítorí náà, akọ̀wé wa kò rán ọmọ. Ó ṣí ìwé.

Ó kọ́kọ́ tún gbogbo rẹ̀ rò lẹ́ẹ̀kejì, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ẹni tó bá tún un rò láti òkè bíi ti àkọ́kọ́ sábà máa ń ṣe àṣìṣe kan náà lójú ibi kan náà. Ó wò ó bóyá iye tó kù ní oṣù tó kọjá ni wọ́n gbé wá sí òkè ojú ìwé yìí. Gbogbo rẹ̀ tọ̀nà.

Lẹ́yìn náà ó bi ara rẹ̀ pé: ìwé ló pọ̀ jù, àbí àpótí? Ìwé ló pọ̀ jù, ó fi 5.400 ju àpótí lọ. A jẹ́ pé ó lè jẹ́ pé wọ́n kọ owó kan tó wọlé ju bó ṣe rí lọ, tàbí kí wọ́n kọ owó kan tó jáde kéré sí bó ṣe rí, tàbí kí wọ́n gbàgbé láti kọ owó kan tó jáde. Ó tún lè jẹ́ pé owó sọnù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn ló máa kẹ́yìn nínú ohun tí a ó rò.

Ó wá 5.400 fúnra rẹ̀ láàárín àwọn ìwé ẹ̀rí, bóyá ọ̀kan wà tí òun kò kọ sínú ìwé. Kò rí i. Ó pín 5.400 sí méjì, ó di 2.700. Ìdí rẹ̀ nìyí: bí ẹgbẹ́ bá ná 2.700, tí akọ̀wé sì ṣèèṣì kọ ọ́ sí apá owó tó wọlé, ìwé yóò fi ìlọ́po méjì rẹ̀ ju àpótí lọ. Ó wo apá òsì láti òkè dé ilẹ̀. Kò sí 2.700 níbẹ̀.

Ó wá ku ọgbọ́n kan tí àwọn tó ń ṣírò owó mọ̀ dáadáa. Ẹ kọ 82, kí ẹ kọ 28 sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ yọ ọ́ kúrò. Ó ku 54. Ẹ ṣe 41 àti 14, ó ku 27. Ẹ ṣe 73 àti 37, ó ku 36. Gbogbo ohun tó kù yìí ni ẹ lè pín sí ọ̀nà 9 láìṣẹ́kù. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí nígbàkígbà tí ẹni tó ń kọ̀wé bá yí nọ́ńbà méjì tó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ padà. Bó bá gbàgbé òdo kan, tó kọ 600 dípò 6.000, bákan náà ni. Láti mọ̀ bóyá iye kan ṣe é pín sí 9, ẹ ro àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ pọ̀. Nínú 5.400, 5 àti 4 jẹ́ 9. Ó ṣe é pín. Ìlọ́po 9 lọ́nà 600 ni.

Mẹ́fà tó wà nínú 600 yẹn sọ ibi tí akọ̀wé yóò wò. Yóò wá iye tí nọ́ńbà ẹgbẹ̀rún rẹ̀ àti nọ́ńbà ọgọ́rùn-ún rẹ̀ fi 6 jura wọn lọ. Ó ka ìlà 37 náà, méjì péré ló rí. Ọjọ́ 14, wọ́n ta gàrí, 8.200 wọlé. Ọjọ́ 19, wọ́n ra igi ìdáná, 2.800 jáde.

Ó mú ìwé pélébé tí wọ́n kọ lọ́jọ́ 14. Òṣùwọ̀n 41 ni wọ́n tà, ní 200 fáráǹkì òṣùwọ̀n kan. 41 lọ́nà 200 jẹ́ 8.200. Ìyẹn tọ̀nà. Ó ku igi ìdáná. Onígi kì í kọ ìwé ẹ̀rí fún ẹnikẹ́ni. Ẹnu akápò ni akọ̀wé ti gbọ́ iye náà, lójú ọ̀nà, tó sì kọ ọ́ nígbà tó délé. Kò sí ìwé kankan tó lè sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Akápò nìkan ló mọ̀ ọ́n. Nínú ìlà 37, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù láti bi í.

Báyìí ló ṣe kọ ọ́:

“Ẹ kú ọjà o, Ìyá. Owó igi ìdáná ọjọ́ 19 ni mo fẹ́ kọ dáadáa, èmi ni mi ò kọ ọ́ níwájú yín. Ẹrù mélòó ni ẹ rà, èló sì ni ẹrù kan? Mo ti wo àwọn ìlà yòókù. Alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo fẹ́ pa ìwé dé.”

Ẹ wò ó dáadáa. Kò ní kí akápò ro nǹkan kan pọ̀. Iye ẹrù àti owó ẹrù kan ni ó béèrè, ohun tí ènìyàn máa ń rántí. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe ìṣirò. Kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó tó dín, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igi. Ó sọ ọjọ́ tí òun ń fẹ́ èsì, kí akápò lè mọ̀ pé òun lè wọn gàrí tán kí òun tó dáhùn.

Ohun kan tún wà tí kò kọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì bá sì kọ ọ́. Kò sọ pé, “8.200 ni, àbí?” Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí á kàn ní “ẹ̀n-ẹ̀n” kí ẹ lè lọ. Bí ẹ bá ti fi èsì sínú ìbéèrè, ohun tí ẹ bá gbọ́ kì í ṣe ẹ̀rí.

Akápò fi ẹnu rán ọmọ náà padà: ẹrù méjì, 4.100 lọ́kọ̀ọ̀kan. 8.200 nìyẹn. Akọ̀wé fa ìlà kan ṣoṣo la 2.800 já, ó kọ 8.200 sí òkè rẹ̀, ó kọ ọjọ́, ó sì fọwọ́ sí i. Kò fi abẹ ha á, nítorí ibi tí a bá ha nínú ìwé owó máa ń bí ìfura. Iye tó kù nínú ìwé di 43.250, ó sì bá àpótí mu.

Ọgbọ́n 9 yìí kì í ṣe ìdájọ́ o. Owó tó sọnù lóòótọ́ náà lè ṣe é pín sí 9, bẹ́ẹ̀ sì ni àṣìṣe méjì lè pàdé kí wọ́n da ìṣirò náà rú. Ibi tí a ó kọ́kọ́ wò nìkan ló ń fi hàn wá. Bí akọ̀wé bá ti wo gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tí kò rí nǹkan kan, kó má ṣe máa wá a fún ọjọ́ mẹ́ta. Kó gbé ìwé lọ bá akápò nílé nígbà tó bá ti sinmi, kí àwọn méjèèjì jọ wò ó. Bí ó bá sì jẹ́ pé wọ́n já àpótí, kó lọ lójú ẹsẹ̀, kó má dúró ṣe ìṣirò kankan.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ìwé ẹgbẹ́ kan sọ pé 31.400 ló kù. 27.800 ló wà nínú àpótí. Lára owó tó wọlé ni 6.200, 1.800 àti 4.500. Lára owó tó jáde ni 1.500 àti 2.300.

1. Èló ni ìwé fi ju àpótí lọ? Ṣé ó ṣe é pín sí 9?

2. Mẹ́ta nínú iye márùn-ún yìí ló yẹ kí a fura sí. Àwọn wo ni? Kí ni a ó fi fura sí ọ̀kọ̀ọ̀kan?

3. Ìwé ẹ̀rí wà fún gbogbo owó tó wọlé, wọ́n sì tọ̀nà. Kò sí ìwé ẹ̀rí fún owó ọkọ̀ 1.500 tí akápò san. Ẹ kọ ìbéèrè tí ẹ ó fi ránṣẹ́ sí akápò sínú ìwé yín, kó má ju ìlà mẹ́rin lọ.