Kí O Tó Ṣí Ilé Oúnjẹ Kejì n'Ísàlẹ̀ Èkó

Ọmọ mi, mo ti ka àbá tí o kọ, mo sì tún un kà. Ilé oúnjẹ rẹ ní Ìta Fájì ń tà, kò sí iyèméjì níbẹ̀. Kí agogo méjì ọ̀sán tó lù, àmàlà ti ń tán, àwọn kan sì ń padà láìjẹun. O wá ní o fẹ́ ṣí ẹ̀ka kejì, o dárúkọ àyè méjì, Ìdúmọ̀tà àti Bródì Sìtíríìtì, o sì ní o fẹ́ yá owó. N kò ní kí o má ṣe é. Ohun tí mo ń sọ ni pé èrò tó kún ilé àkọ́kọ́ kì í ṣe ẹ̀rí pé èkejì yóò kún. Ẹ̀ka kejì gbọ́dọ̀ lè bọ́ ara rẹ̀ láìjẹ nínú ìkòkò èkíní.

Kọ́kọ́ wo àwọn tó ń padà láìjẹun yẹn. Ó lè jẹ́ pé ìkòkò kan sí i àti ẹni tí yóò máa rokà ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ilé mìíràn. Fi oṣù kan sè kún un, kí o wò ó bóyá yóò tà. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tó ń gbowó máa bi oníbàárà léèrè fún ọ̀sẹ̀ kan pé ibo ni wọ́n ti ń bọ̀. Bí ìdajì wọn bá ń ti Ìdúmọ̀tà rìn wá bá ọ, tí o tún lọ gba ilé sí Ìdúmọ̀tà, ẹnu kan náà ni wàá máa bọ́, ṣùgbọ́n ilé méjì ni wàá máa san owó rẹ̀.

Àyè méjì tí o dárúkọ kò jọra. Ìdúmọ̀tà, Òkè-Àrín àti Balógun, ọjà ni wọ́n. Oníṣòwò ibẹ̀ kì í fẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Oúnjẹ ni yóò lọ bá a. Ilé kékeré tó ní ibi ìdáná tó gbòòrò, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta tí ẹsẹ̀ wọn yá nílẹ̀, yóò wúlò níbẹ̀ ju gbọ̀ngàn alága ogójì lọ. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjà dá páro. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ìmọ́tótó ọjà ni, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kì í ṣí títí di agogo mẹ́wàá. Lọ́jọ́ tí Ẹ̀yọ̀ bá jáde, wọ́n á ti títì pa. Nítorí náà, ọjọ́ 25 ni kí o máa kà lóṣù, má ka 30.

Ní Bródì Sìtíríìtì, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ni oníbàárà rẹ. Láàárín agogo méjìlá sí mẹ́ta ni ọjà rẹ̀ wà, ọjọ́ márùn-ún péré lọ́sẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ti kó olú ọ́fíìsì wọn lọ sí Fikitóríà Áílàǹdì, nítorí náà má fi gíga ilé ka oníbàárà. Lọ dúró ní àyè méjèèjì lọ́sàn-án Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ àti Àbámẹ́ta, kí o ka ẹni tó gbé oúnjẹ lọ́wọ́, má ka ẹni tó ń kọjá. Ẹni tó ń sáré lọ wọ bọ́ọ̀sì ní CMS kò ní dúró jẹ àmàlà. Ní tèmi, Ìdúmọ̀tà ni n bá mú.

Ṣùgbọ́n ilé tí o rí ní Ìdúmọ̀tà yẹn, ilé ẹbí ni, bí ọ̀pọ̀ ilé àdúgbò wa. Ibẹ̀ ni owó olówó ti máa ń ṣègbé. Ẹnì kan nínú ilé yóò ní òun lòun ń bójú tó o, yóò gba owó ọdún méjì, yóò kọ rìsíìtì. Nígbà tí o bá kun ilé tán, tí o fa omi wọlé, àwọn ọmọ ìdí-igi mìíràn yóò dé, wọ́n á ní àwọn kò mọ̀ sí i. Bí ẹni tí kì í ṣe olórí ẹbí bá dá fi ohun ìní ẹbí háyà, àdéhùn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lábẹ́ òfin. Bí olórí ẹbí pàápàá bá dá a ṣe láìfi tó àwọn àgbà ẹbí létí, wọ́n lè ní kí ilé ẹjọ́ fagi lé e. Nítorí náà, olórí ẹbí àti aṣojú ìdí-igi kọ̀ọ̀kan ni kó fọwọ́ sí ìwé, níwájú lọ́yà tí ìwọ fúnra rẹ mú wá. Àkáǹtì ẹbí ni kí o sanwó sí, kì í ṣe àpò ẹnì kan. Bí o bá sì rí i lára ògiri pé wọ́n kọ ọ́ pé ilé náà kì í ṣe títà, béèrè ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó ń bá a jà.

Wo ara ilé náà pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta, ọdún 2019, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí ilé ìwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fájì tìrẹ yìí kan náà, ènìyàn 20 ló kú, ọmọdé sì wà nínú wọn. Bí o bá rí i tí ògiri là láti ojú fèrèsé lọ sí àjà òkè, tàbí tí irin tó ti dípẹtà yọ lára òpó, má ṣe gbé táńkì omi àti fírísà rẹ lọ síbẹ̀. Wò ó bóyá àjọ LASBCA ti sàmì sí i. Mú ẹnjiníà lọ kí o tó sanwó, má jẹ́ kó jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ owó. Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀. Ká ní abọ́ kan jẹ́ 3,000 náírà, tí ọjà, gáàsì àti ike rẹ̀ sì gba 2,100. Ohun tó kù jẹ́ 900. Bí owó ilé bá jẹ́ 300,000 lóṣù, tí òṣìṣẹ́ márùn-ún gba 90,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, tí epo jẹnẹrétọ̀, omi àti owó àdúgbò jẹ́ 240,000, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 990,000. Fi 900 pín in, abọ́ 1,100 lóṣù nìyẹn, tàbí 44 lójúmọ́ fún ọjọ́ 25, kí o tó rí kọ́bọ̀ kan jẹ èrè. Bí o bá wá yá owó, tí wọ́n ní kí o máa san 315,000 padà lóṣooṣù, abọ́ 350 mìíràn dé nìyẹn, ó sì di 58 lójúmọ́. Bí kíkà tí o kà ní Ìdúmọ̀tà kò bá fi hàn pé ènìyàn 58 lè rà á lọ́wọ́ rẹ lójúmọ́, má ṣe yá a.

Nínú àbá rẹ, o fẹ́ yá gbogbo owó náà. Mi ò fọwọ́ sí i. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, báńkì àpapọ̀ gbé èlé rẹ̀ dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, báńkì tó bá sì yá ọ lówó yóò bu tirẹ̀ lé e. Owó tìrẹ àti àjọ ni kí o fi gba ilé, kí o fi kun ún, nítorí ọ̀dà tó ti wà lára ògiri kò ṣe é tà padà. Ohun tó ṣe é tà padà, bíi fírísà àti jẹnẹrétọ̀, ni kí o yá owó rà. Kọ́kọ́ lọ sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àti LSETF tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní 2016 láti máa ran oníṣòwò lọ́wọ́. Kí o sì ya owó ìnáwó oṣù mẹ́ta sọ́tọ̀, 2,970,000 nínú ìṣirò wa yìí, nítorí ilé tuntun kì í kún lọ́jọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ kan kù, ìyẹn ni ọwọ́ tó ń sè é. Wo àpẹẹrẹ kan: ní 1986 ni UAC sọ àwọn ilé kọfí inú Kíńsìwéè di Místà Bígísì, ó sì gbilẹ̀ títí ẹ̀ka rẹ̀ fi lé ní ọgọ́rùn-ún, àwọn mìíràn nínú wọn lọ́wọ́ ẹni tó gba ẹ̀tọ́ orúkọ náà. Lónìí, kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí ẹ̀ka bá ti pọ̀, ó di dandan kí oúnjẹ ibi kan má yàtọ̀ sí ti ibòmíràn. Jẹ́ kí ọbẹ̀ ata ilé méjèèjì máa ti ìkòkò kan jáde láàárọ̀, kí títì tó dí. Jẹ́ kó tutù díẹ̀ kí wọ́n tó dé e, nítorí èyí tí wọ́n dé ní gbígbóná máa ń kan kó tó di ọ̀sán, pàápàá gbẹ̀gìrì. Ṣùgbọ́n àmàlà, ibi tí wọ́n ti ń tà á ni kí wọ́n ti máa rò ó. Ra ìgbakọ kan náà fún ilé méjèèjì, kí ẹran kílò kan sì jẹ́ iye ègé kan náà. Ẹni tó ti bá ọ sè ó kéré tán fún ọdún kan ni kó lọ ṣe olórí ibẹ̀, kí o sì ti kọ́ ẹlòmíràn tí yóò dípò rẹ̀ n'Ìta Fájì.

Nítorí náà, má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni. Fi oṣù kan sè kún ti àkọ́kọ́, ka oníbàárà Ìdúmọ̀tà, kí o wá olórí ẹbí rí. Bí o bá rí ènìyàn 58 lójúmọ́, tí ìdí-igi gbogbo fọwọ́ sí ìwé, tí ẹnjiníà sì ní ilé náà dúró dáadáa, ṣí i. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wá ilé mìíràn.