Títa Bíìlì Òwò fún Báǹkì Ṣáájú Ọjọ́ Ìsan

Ìfáàrà

Bíìlì òwò ni ìwé àṣẹ tí olùtajà kọ sí olùrajà pé kí ó san iye owó kan pàtó ní ọjọ́ kan pàtó. Bí olùrajà bá ti fọwọ́ sí iwájú ìwé náà, ó ti tẹ́wọ́ gba gbèsè. Olùtajà tí kò lè dúró de ọjọ́ ìsan lè ta ìwé náà fún báǹkì. Báǹkì yóò yọ ẹ̀dínwó, yóò sì san ìyókù fún un. Àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn pé owó tí olùtajà gbà yìí kò tíì parí ọ̀rọ̀ náà.

Ìṣirò Ẹ̀dínwó

Bí àpẹẹrẹ, oníṣòwò aṣọ kan ní Ìbàdàn ta ọjà náírà 1,000,000 fún oníbàárà kan ní Ìlọrin. Ó kọ bíìlì ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹta pé kí owó náà di sísan lẹ́yìn 90 ọjọ́. Èyí bọ́ sí ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún. Ṣùgbọ́n òfin Nàìjíríà, tí a gbé ka òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1882, fi ọjọ́ mẹ́ta kún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ìsan wá di ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà. Ẹni tó bá gbàgbé ọjọ́ mẹ́ta yìí yóò ṣi ìṣirò.

Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹta tí oníṣòwò gbé bíìlì lọ sí báǹkì, 73 ọjọ́ ló kù. Bí báǹkì bá ń gba 20 lórí 100 lọ́dún, ẹ̀dínwó rẹ̀ nìyí:

1,000,000 × 20/100 × 73/365 = 40,000

Oníṣòwò yóò gba náírà 960,000. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí i pé orí 1,000,000 ni báǹkì ti ṣírò èlé, bẹ́ẹ̀ 960,000 péré ló san jáde. Nítorí náà, èlé gan-an sún mọ́ 20.83 lórí 100 lọ́dún.

Bí Olùrajà Kò Bá San

Oníṣòwò ló kọ bíìlì, òun náà ló sì fọwọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ fún báǹkì. Ó ti di onígbọ̀wọ́ olùrajà. Bí báǹkì bá mú ìwé náà lọ ní ọjọ́ ìsan tí olùrajà kọ̀ láti san, báǹkì gbọ́dọ̀ tètè fi tó oníṣòwò létí. Ọjọ́ kejì ni òfin sábà fún un mọ. Bí báǹkì bá fi falẹ̀ láìnídìí, oníṣòwò bọ́ lọ́wọ́ gbèsè náà. Bí ó bá tètè sọ, náírà 1,000,000 ni oníṣòwò yóò dá padà, kì í ṣe 960,000 tí ó gbà. Lẹ́yìn náà ni yóò gba ìwé rẹ̀, tí yóò sì fi bá olùrajà ṣẹjọ́.

Ìkádìí

Olùkọ́ ìṣirò owó gbọ́dọ̀ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé bíìlì tí a ti tà fún báǹkì kò gbọdọ̀ pòórá nínú ìwé oníṣòwò. Títí olùrajà yóò fi san, kí a máa kọ náírà 1,000,000 náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí gbèsè tó ṣeé ṣe kí ó padà wá.