Lẹ́tà sí Ọ̀gá Láti Gba Owó Sílẹ̀ Lórí Owó Oṣù

Nígbà tí bùkátà bá ká òṣìṣẹ́ mọ́ ní agbedeméjì oṣù, tí àpò sì ti gbẹ, ọ̀pọ̀ ni í sáré tọ olówó èlé lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀gá tí ó ń ṣiṣẹ́ fún lè fún un ní owó sílẹ̀, kí ó sì máa gé e díẹ̀díẹ̀ lára owó oṣù rẹ̀. Ọ̀gá tí ó bá gba lẹ́tà tí a fi tọrọ irú owó bẹ́ẹ̀ a máa ka ìdí ẹ̀bẹ̀ náà tàánútàánú, ṣùgbọ́n ibi tí ojú rẹ̀ yóò ti pẹ́ jù ni ibi tí òṣìṣẹ́ ti sọ bí òun yóò ṣe san án, nítorí àwọn àgbà ti wí pé ẹni tí ó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje.

Ẹ jẹ́ kí a wo obìnrin kan tí ó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ búrẹ́dì kan ní Ìbàdàn, tí owó oṣù rẹ̀ jẹ́ ₦90,000. Ìjì àkọ́rọ̀ òjò ṣí páànù yàrá méjì lórí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀. Káfíńtà ṣírò páànù, igi, ìṣó àti owó iṣẹ́, ó ní ₦110,000 ni. Obìnrin náà sì ní ₦30,000 nípamọ́. Ó ku ₦80,000.

Kí ó tó mú kálàmù, ó yẹ kí ó mọ iye tí owó oṣù rẹ̀ lè gbà. Òfin Òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, tí ìjọba gbé jáde ní ọdún 1974, sọ pé gbogbo ohun tí a ó gé lára owó òṣìṣẹ́ ní oṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà lọ. Ìdá kan nínú mẹ́ta ₦90,000 ni ₦30,000. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń gé ₦7,200 fún pẹ́ńṣàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń gé ₦5,000 fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦12,200. Nítorí náà, ohun tí ó ṣẹ́kù tí wọ́n lè gé kò ju ₦17,800 lọ. Bí ó bá ní kí wọ́n máa gé ₦16,000, oṣù márùn-ún ni gbèsè náà yóò parí, ₦61,800 ni yóò sì máa mú lọ sílé.

Ìtìjú a máa mú kí àwọn mìíràn kọ ₦40,000 fún oṣù méjì, kí ọ̀gá lè rí i pé àwọn kì í ṣe onígbèsè. Yàtọ̀ sí pé òfin kò gbà á, ₦37,800 ni ìbá kù fún obìnrin yìí láti fi jẹun kí ó sì fi wọ ọkọ̀, oṣù kejì kò sì ní í pé tí yóò fi tún padà wá yáwó. Lójú tèmi, irú ìlérí bẹ́ẹ̀ ni í ba orúkọ òṣìṣẹ́ jẹ́ ju gbèsè gan-an lọ.

Lẹ́tà rẹ̀ nìyí:

"Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń fi ìwé yìí tọrọ ₦80,000 sílẹ̀ lórí owó oṣù mi. Ìjì tí ó jà ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ṣí páànù yàrá méjì nínú ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún wa, níbi tí èmi àti àwọn ọmọ mi ń gbé. ₦110,000 ni káfíńtà pè é. Ìwé ìṣirò rẹ̀ wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Mo ní ₦30,000 lọ́wọ́. Mo bẹ̀ yín kí ẹ máa gé ₦16,000 láti òpin oṣù karùn-ún títí dé òpin oṣù kẹsàn-án, tí yóò fi pé ₦80,000. Bí mo bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó tó pé, ẹ yọ ìyókù nínú owó tí ó bá tọ́ sí mi. Ẹ ṣeun, sà."

Ẹ kíyè sí gbólóhùn ilé bàbá yẹn. Bí kò bá sí níbẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá yóò bi í ni pé, "Onílé yín ńkọ́?" Obìnrin náà kò sì ka gbogbo ìyà ayé rẹ̀ sínú ìwé náà, páànù nìkan ni ó sọ.

Kí ó kọ ọjọ́ sórí ìwé náà, kí ó buwọ́ lù ú, kí ó sì pa ẹ̀dà kan mọ́. Bí ọ̀gá bá gbà lẹ́nu lásán, kí ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bẹ̀ ẹ́ kí ó kọ ọ́ sí abẹ́ lẹ́tà náà, nítorí akọ̀wé tí ń pín owó kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ní òpin oṣù karùn-ún, kí ó yẹ ìwé owó oṣù rẹ̀ wò. Bí ó bá rí ₦20,000 níbi tí ó ti yẹ kí ó rí ₦16,000, ẹ̀dà náà ni yóò mú lọ bá akọ̀wé. Bí àìsàn bá sì mú kí owó rẹ̀ dín kù ní oṣù kan, ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ náà yóò dín kù, kí ó sì tètè lọ sọ kí wọ́n tó kọ owó oṣù yẹn.