Ẹ̀yin Agùnbánirọ̀, Ẹ Tètè Kọ̀wé

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń sin ìlú ní Ìlogbò-Èkìtì, ẹ ń pa iṣẹ́ jẹ láìsọ, ẹ sì ń dákẹ́ títí ọ̀gá iléèwé yóò fi kọ lẹ́tà ìparí oṣù. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti rántí ni kẹ́ ẹ kọ̀wé:

“Ẹ káàsán mà. N kò wá síṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ibà ló dá mi gúnlẹ̀. N kò sì ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Màá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níṣẹ́ ọjọ́ náà lọ́jọ́bọ̀.”

Ó tó. Ẹ má kọ ọjọ́ àná sórí lẹ́tà òní. Ìwé ìfọwọ́sí iléèwé ti tú yín fó. Bẹ́ ẹ bá ní ìwé dókítà, ẹ fi ṣọwọ́. Bí kò bá sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ rà á.