Ká pín owó ni, àbí ká dá a?

Bí àwọn ọ̀rẹ́ bá jẹun tán, tí ìwé owó sì dé orí tábìlì, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ láyé òde òní ni: "Ẹ jẹ́ ká pín owó náà." Ohun tí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ní lọ́kàn yé gbogbo wa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò gún régé. Ohun tó wọlé là ń pín: à ń pín ogún, à ń pín ẹran iléyá, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń pín èrè. Owó tó fẹ́ jáde lápò wa, ńṣe là ń dá a. Bí ìyá àgbà kan bá wà nítòsí tó gbọ́ pé ẹ fẹ́ pín owó, ọwọ́ ni yóò nà. "Ẹ jẹ́ ká dáwó oúnjẹ yìí" ló tọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún "dá" náà. "Ọkọ ìyàwó dáwó" túmọ̀ sí pé òun náà mú tirẹ̀ wá. "Ọkọ ìyàwó ló dá owó náà san" túmọ̀ sí pé òun nìkan ló san gbogbo rẹ̀, kò sẹ́ni tó bá a fi kọ́bọ̀ kún un. "San" tó tẹ̀ lé e ló yí ìtumọ̀ padà. Bákan náà ni iye owó: "Ẹ dá ẹgbẹ̀rún méjì" lè jẹ́ pé ẹgbẹ̀rún méjì péré ni gbogbo yín máa kó jọ. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ni yóò mú un wá, ẹ pè é lẹ́ẹ̀mejì: "Ẹ dá ẹgbẹ̀rún méjì-méjì." Ti ẹyọ kan ni a kì í pè báyẹn, "ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan" là ń wí.

Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni pé "méjì-méjì" ti sọ gbogbo èèyàn dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ikùn ò dọ́gba. Yorùbá sì ti ní orúkọ fún oríṣiríṣi ọ̀nà tí a lè gbà ṣe é, torí ogún ti kọ́ wa tipẹ́. Bí baba bá kú, a lè pín ogún rẹ̀ ní ìdí-igi, ìyẹn ni pé a ó ka ìyàwó kọ̀ọ̀kan àtàwọn ọmọ rẹ̀ sí ìdí kan, ìdí kọ̀ọ̀kan á sì gba ìpín kan, ì báà jẹ́ ọmọ kan ló wà níbẹ̀, ì báà jẹ́ mẹ́fà. A sì lè pín in ní orí-ò-jorí, kí orí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan. Nínú ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé, tó dá lórí ogún bàbá kan l'Ékòó tó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, adájọ́ kọ́kọ́ fara mọ́ orí-ò-jorí. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ìjọba àpapọ̀ yí i padà ní 1958, wọ́n ní ìdí-igi ni àṣà, àyàfi bí àríyànjiyàn bá wà tí olórí ẹbí sì rí i pé orí-ò-jorí ló yẹ. Ìgbìmọ̀ adájọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù fọwọ́ sí i ní 1962.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì náà lọ sórí tábìlì. Èèyàn mẹ́rin jókòó: tọkọtìyàwó kan, àti àpọ́n méjì. Wọ́n jọ jẹ àsun àwo ńlá kan, 12,000 náírà. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ jẹ iyán àti ẹran ìgbẹ́, 6,000. Ìyàwó jẹ ìrẹsì, 3,000. Àpọ́n àkọ́kọ́ jẹ ẹ̀bà, 2,000. Èkejì ò jẹ nǹkan mìíràn, mínírà ló mu, 1,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 24,000.

Bí wọ́n bá ní ìdí-igi, ìdí mẹ́ta ló wà, ìdí kọ̀ọ̀kan á dá 8,000. Ọkọ yóò yọ 8,000 fún òun àti ìyàwó rẹ̀, ẹni tó mu mínírà náà á yọ 8,000. Kò ní í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò ní í bá wọn jáde mọ́. Bí wọ́n bá ní orí-ò-jorí, ẹnì kọ̀ọ̀kan á dá 6,000, tọkọtìyàwó á dá 12,000. Ó sàn díẹ̀, síbẹ̀ àpọ́n onímínírà ṣì ń bá wọn san owó ẹran ìgbẹ́ tí kò tọ́ wò.

Ọ̀nà kẹta ni ká ya àjọjẹ sọ́tọ̀ kúrò lára àdájẹ. Àsun jẹ́ àjọjẹ, nítorí náà orí-ò-jorí ló bá a mu: 3,000 kọ̀ọ̀kan. Àdájẹ, kí oníkálukú gbé tirẹ̀. Tọkọtìyàwó á dá 15,000, ẹlẹ́bà á dá 5,000, onímínírà á dá 4,000. Bí ilé oúnjẹ bá fi owó-orí ìjọba kún un, ìyẹn ìdá méje àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn á jẹ́ 1,800. Ẹ má ṣe fi orí-ò-jorí kó ìyẹn, torí ọ̀pọ̀ oúnjẹ ló fà á. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́: tọkọtìyàwó á fi 1,125 kún tiwọn, ẹlẹ́bà 375, onímínírà 300.

Ti owó ọkọ̀ tún yàtọ̀, nítorí pé ọ̀nà là ń jẹ níbẹ̀, kì í ṣe oúnjẹ. Ẹ wò ó, èèyàn mẹ́ta gba dúrọ́ọ̀pù láti ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn, 6,000 náírà. Ẹnì kan fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀ ní Bódìjà, ìkejì ní Géètì, ìkẹta ní Ìwó Ròòdù. Ká ní ẹni Bódìjà dá gba ọkọ̀ tirẹ̀, 1,500 ni ì bá san. Ẹni Géètì ì bá san 3,500. Bí wọ́n bá wá pariwo orí-ò-jorí, 2,000 ni ẹni Bódìjà máa dá, ó ju ohun tí ì bá san lóun nìkan lọ. Ibẹ̀ la ti ń mọ̀ pé ìdáwó ti wọ́: bí ẹnì kan bá san ju iye tí ì bá dá san lọ, ó ti ń bá ẹlòmíràn san owó nìyẹn.

Ohun tó dáa ni ká gé ọ̀nà náà sí mẹ́ta, ká sì bi ara wa pé ta ló wà nínú ọkọ̀ lápá kọ̀ọ̀kan. Títí dé Bódìjà jẹ́ 1,500. Mẹ́ta ni wọ́n, 500-500. Láti Bódìjà dé Géètì fi 2,000 lé e. Ó ku èèyàn méjì, ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan. Ìyókù, 2,500, ẹni Ìwó Ròòdù ló ni ín. Nítorí náà ẹni àkọ́kọ́ dá 500, ìkejì 1,500, ìkẹta 4,000. Òun tó san jù náà ò pàdánù, torí 6,000 ni ì bá dá san.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló yẹ ká máa ṣe ìṣirò báyìí. Bí ìyàtọ̀ ò bá ju owó búrẹ́dì lọ, orí-ò-jorí ti tó, kí ẹ̀rín má bàa di ìjà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yòówù tí ẹ bá fẹ́, ẹ dárúkọ rẹ̀ kí oúnjẹ tó dé, kí ẹ sì tó wọkọ̀: "Orí-ò-jorí ni o," tàbí "Àjọjẹ nìkan la máa jọ dá," tàbí "Kálukú á san owó ibi tó bá bọ́ọ́lẹ̀ sí." Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn á lè sọ ọ́ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kan àwo.