Ọdún Ìsàlẹ̀ Ìkànnì Lè Tan Yín Jẹ

Ìbéèrè: Mo fẹ́ gba fọ́ọ̀mù ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórí ìkànnì kan. Ọdún yìí ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àmọ́ ìròyìn tó kẹ́yìn níbẹ̀ jẹ́ ti 2019. Ṣé wọ́n ṣì ń tọ́jú rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má gbára lé ọdún ìsàlẹ̀ yẹn. Kóòdù bíi èyí ló sábà máa ń kọ ọ́:

```
new Date().getFullYear()
```

Ọdún tó wà lórí fóònù yín ló ń kà jáde, kódà bí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kan ìkànnì náà mọ́. Àmọ́ ìròyìn 2019 nìkan ò tó ẹ̀rí. Àwọn mìíràn a pa abala ìròyìn tì, wọn a sì máa tún ti fọ́ọ̀mù ṣe.

Ẹ wo gbèdéke ìforúkọsílẹ̀, kí ẹ sì tẹ líǹkì fọ́ọ̀mù. Bí líǹkì tó lọ sí ìkànnì ẹlòmíì bá gbé `404 Not Found` wá, ó lè jẹ́ pé àwọn yẹn ló kó ojú-ìwé wọn kúrò. Bó bá jẹ́ líǹkì fọ́ọ̀mù ìkànnì náà fúnra rẹ̀ ló já, tí gbèdéke sì ti kọjá tipẹ́, ó jọ pé wọ́n ti pa á tì nìyẹn. Ẹ má fi owó tàbí nọ́ńbà báǹkì yín ránṣẹ́ síbẹ̀.