Ta Ni Ó Da Ọ̀rọ̀ Ta Kọ? Bí A Ṣe Ń Yẹ Mátíù, Máàkù àti Lúùkù Wò

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ mọ bí ìwé ìhìnrere mẹ́ta àkọ́kọ́ ṣe tan mọ́ra wọn sábà máa ń kọ́kọ́ há orúkọ àwọn àbá sórí. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ẹ mú ibi kúkúrú kan nínú ìwé náà, kí ẹ gbé àbá kọ̀ọ̀kan kà á, kí ẹ sì wo ibi tí yóò ti há. Ibi tí mo fẹ́ kí a lò ni ibi tí wọ́n ti fi Jésù ṣe ẹlẹ́yà lóru tí wọ́n mú un: Mátíù 26:67-68, Máàkù 14:65 àti Lúùkù 22:63-65.

Ìwé tí ẹ nílò ni ìwé ìfiwéra tó to ìhìnrere sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní èdè Gíríìkì, irú èyí tí Kurt Aland ṣe. Ẹ má fi Bíbélì Yorùbá ṣe iṣẹ́ yìí. Olùtumọ̀ lè fi ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo túmọ̀ ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì, ẹ ó sì máa rí ìbáramu níbi tí kò sí. Ẹ wá pẹ́ńsù aláwọ̀ mẹ́rin. Ẹ fi pupa fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lò, búlúù sábẹ́ èyí tó wà nínú Mátíù àti Máàkù nìkan, àwọ̀ ewé sábẹ́ ti Máàkù àti Lúùkù nìkan, kí ẹ sì fi àwọ̀ ìyeyè sábẹ́ ohun tí Mátíù àti Lúùkù jọ ní tí Máàkù kò ní. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ọ̀kan náà ṣùgbọ́n tí ìrísí rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, ẹ fi àmì tó-tò-tó sábẹ́ rẹ̀ dípò ìlà. Àwọn tó kánjú fa ìlà sábẹ́ gbogbo rẹ̀ bákan náà ni ọwọ́ wọn máa ń bá ẹ̀rí tí kò sí.

Tí ẹ bá ṣe é tán, ohun tí ẹ ó rí nìyí. Nínú Máàkù, wọ́n tutọ́ sí i lára, wọ́n bo ojú rẹ̀, wọ́n lù ú ní ẹ̀ṣẹ́, wọ́n sì ní kó sọ àsọtẹ́lẹ̀. Kò sí ìbéèrè kankan níbẹ̀. Nínú Mátíù, wọ́n tutọ́ sí i lójú, wọ́n lù ú, wọ́n gbá a, wọ́n sì ní kí Kristi sọ ẹni tó lù ú fún àwọn; ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bo ojú rẹ̀. Lúùkù kò mẹ́nu kan itọ́, ṣùgbọ́n ó ní aṣọ ìbojú àti ìbéèrè náà pọ̀, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ ṣáájú ìjókòó ìgbìmọ̀, nígbà tí àwọn méjì yòókù gbé e sẹ́yìn ìdájọ́.

Àwọ̀ ìyeyè ni kí ẹ tẹjú mọ́. Ìbéèrè nípa ẹni tó lù ú jẹ́ ọ̀rọ̀ Gíríìkì márùn-ún, ọ̀kan náà ni wọ́n nínú Mátíù àti Lúùkù, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe tẹ̀ léra. Ẹ tún wo inú ìwé atọ́ka ọ̀rọ̀: ọ̀rọ̀-ìṣe tó dúró fún lílù níbẹ̀, Mátíù kò lò ó níbòmíràn rárá, bẹ́ẹ̀ ni Lúùkù kò lò ó níbòmíràn nínú ìhìnrere rẹ̀ tàbí nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì. Ó ṣòro kí irú èyí ṣe kòńgẹ́ lásán.

Ní báyìí, ẹ pe àwọn àbá wá jẹ́jọ́. Èyí tó gbajúmọ̀ jù sọ pé Máàkù ló kọ́kọ́ kọ̀wé, pé Mátíù àti Lúùkù mú nínú rẹ̀, wọ́n sì tún mú nínú àkójọ ọ̀rọ̀ Jésù kan tó ti sọnù, èyí tí à ń pè ní Q, láìjẹ́ pé ẹnì kan nínú wọn rí ìwé ẹnì kejì. Ibi tó há nìyí. Bí wọn kò bá rí ìwé ara wọn, níbo ni ìbéèrè náà ti wá? Kò rọrùn láti jù ú sínú Q, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún Q tò gbà pé kò ní ìtàn ìjìyà Jésù. B. H. Streeter dáhùn lọ́dún 1924 pé ìbéèrè náà kò sí nínú Mátíù níbẹ̀rẹ̀, pé adàwékọ kan ló mú un wá láti inú Lúùkù. Frans Neirynck àti Christopher Tuckett dúró ti irú ìdáhùn yìí lẹ́yìn rẹ̀.

Kí ẹ tó gbà á tàbí kọ̀ ọ́, ẹ wo àkọsílẹ̀ ìsàlẹ̀ ojú ìwé tó ń sọ bí àwọn ìwé àfọwọ́kọ ṣe yàtọ̀ síra. Kò sí ìwé àfọwọ́kọ Mátíù ní Gíríìkì tó yọ ìbéèrè náà sílẹ̀. Ìméfò lásán ni ti Streeter. Ṣùgbọ́n ẹ yí ojú sí ti Máàkù: àwọn ìwé kan, bí èyí tí wọ́n fi lẹ́tà W mọ̀, fi ìbéèrè yìí gan-an kún un. Àwọn adàwékọ ti fi ọwọ́ gbé gbólóhùn yìí rìn rí, nítorí náà ohun tí Streeter sọ kì í ṣe àlá.

Austin Farrer, lọ́dún 1955, ní kí á pa Q tì: Lúùkù ka Máàkù àti Mátíù. Níbí, ọ̀nà rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Lúùkù mú ìbojú láti ọwọ́ Máàkù, ó mú ìbéèrè láti ọwọ́ Mátíù, ó dì wọ́n pọ̀. Michael Goulder sì fi ibi yìí gbá Q mọ́lẹ̀ gan-an. Ẹ rántí sá pé gbèsè àbá yìí ń bẹ níbòmíràn: ó gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìdí tí Lúùkù fi tú Ìwàásù Orí Òkè palẹ̀, tó sì fọ́n ọ̀pọ̀ rẹ̀ káàkiri ìwé rẹ̀.

Àbá Griesbach, tí William Farmer jí dìde lọ́dún 1964, ní Mátíù ló ṣáájú, Lúùkù tẹ̀ lé e, Máàkù wá ké àwọn méjèèjì kúrú. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, Máàkù rí ìbéèrè náà nínú ìwé méjèèjì, ó fi í sílẹ̀, ó wá di ìbojú tó wà lọ́dọ̀ Lúùkù nìkan mú. Kí ló dé? Ti Mátíù tún ṣòro ju ìyẹn lọ: ta ni í bi ẹni tí ojú rẹ̀ là sílẹ̀ pé ta ló lù ú? Àwọn kan dáhùn pé orúkọ àjèjì ni wọ́n ní kó dá. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ó jọ pé ìbojú inú Máàkù ṣì wà lọ́kàn Mátíù nígbà tó ń kọ̀wé.

Irú àmì yìí ni Mark Goodacre pè ní àárẹ̀ akọ̀wé: ẹni tó ń tún ìwé ẹlòmíràn kọ yí i padà níbẹ̀rẹ̀, nígbà tó yá, ó gbàgbé, ó padà sí ọ̀rọ̀ onítọ̀hún. Ẹ fi Mátíù 14 dán an wò. Máàkù 6 pe Hẹ́rọ́dù ní ọba. Mátíù tún un ṣe sí tẹ́tírákì ní ẹsẹ 1, ṣùgbọ́n ní ẹsẹ 9, ó pè é ní ọba. Ní ẹsẹ 5, Hẹ́rọ́dù fẹ́ pa Jòhánù. Ní ẹsẹ 9, inú rẹ̀ bàjẹ́ pé wọ́n ní kó pa á. Nínú Máàkù, ìbànújẹ́ náà bá a mu, torí Hẹ́rọ́dù a máa fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ Jòhánù.

Ẹ kíyè sí ibi tí ẹ̀rí yìí dúró. Ó ń sọ pé Máàkù ṣáájú Mátíù, ó sì ń da Griesbach láàmú. Kò sọ ohunkóhun láàárín Q àti Farrer, torí àwọn méjèèjì gbà pé Máàkù ló ṣáájú. Ẹ ya ojú ìwé méjì sọ́tọ̀ fún ìbéèrè méjì yìí. Lójú tèmi, Farrer borí níbi ìfiniṣẹlẹ́yà yìí, ṣùgbọ́n ibì kan kò tó láti fi ṣèdájọ́.

Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí hóró músítádì: Mátíù 13:31-33, Máàkù 4:30-32, Lúùkù 13:18-21. Àwọ̀ ìyeyè pọ̀ níbẹ̀, ìwúkàrà sì tẹ̀ lé hóró náà nínú Mátíù àti Lúùkù, kò sí nínú Máàkù. Àwọn onígbàgbọ́ Q yóò ní òwe kan náà wà nínú Máàkù àti Q. Ẹ gbà á, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìnáwó, kí ẹ sì máa ka iye ìgbà tí àbá náà gbọ́dọ̀ tún san irú owó bẹ́ẹ̀ bí ẹ ṣe ń bọ̀ láti orí kan sí òmíràn.